Ẹ Lè Pè Mí Nígbàkúgbà

Akólòlò ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, omi tó ń ṣàn ni. Ìdí nìyí tí a fi jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ ojú-ìwé tí yóò fi wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará òkè òkun, iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe láti inú yàrá rẹ̀. Bí kò bá rí i, ọgbà búlọ́ọ̀kù àbúrò bàbá wa ló kù, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́ láéláé.

Ó kọ ọ́ pé aago wa fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú tiwọn, ó sì kọ àsìkò tí ojú àwa àtiwọn jọ ń là. Ó kọ àwọn ohun tó mọ̀ ọ́n lò: pátákó orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń to iṣẹ́ sí kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè rí i, ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló wá kọ èyí tó dùn mọ́ mi jù: "Kí n tó pa ẹ̀rọ, màá kọ ibi tí mo bá iṣẹ́ dé, ohun tó kù àti ìbéèrè mi sílẹ̀, kí ẹni tó bá jí má baà dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi dípò ìpè."

Àbúrò bàbá wa wọlé, ó fi awò sójú, ó kà á.

"Ta lò ń pàṣẹ fún? Ẹni tó ń wáṣẹ́ ló ń sọ fún ọ̀gá pé kó má pe òun? Ìgbéraga gbáà! Pa á rẹ́."

"Bà-bà-bàbá, iṣẹ́ yìí..."

"Kó o tó parí gbólóhùn yẹn, wọ́n á ti gba ẹlòmíì." Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, torí àgbà ló sọ ọ́. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kọ ọ́ pé kí wọ́n máa pè ẹ́ nígbàkúgbà."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́.

Wọ́n sì pè lóòótọ́. Ojú èèyàn mẹ́ta yọ lójú ẹ̀rọ, obìnrin kan ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ há sí i lọ́fun. Ó nawọ́ kó tẹ èsì, àbúrò bàbá wa gbá ọwọ́ náà mú.

"Fẹnu sọ ọ́! Ọkùnrin ni ẹ́!"

Obìnrin náà fọwọ́ kan etí. "A ò gbọ́ yín o. Ó jọ pé nẹ́tíwọ̀kì yín ti lọ." Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá.

Wọ́n kọ̀wé pé nẹ́tíwọ̀kì wa kò ṣeé gbára lé, àwọn ti mú ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n mi kọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: "Ó dùn wá. Àwa gan-an kì í pe ara wa lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kíkọ là ń kọ. Ẹ̀yin lẹ ní ká pè."

Àbúrò bàbá wa bọ́ awò rẹ̀. "Kò burú. Omi ni màá ní kó máa bu sí búlọ́ọ̀kù. Kò ní gbé nǹkan kan."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ wá kó ẹrù, ọwọ́ ò tó, ni òun náà bá bá wọn gbé búlọ́ọ̀kù. Nígbà tó délé, èmi ni mo bá a tú okùn bàtà, torí ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá wa bi í pé iṣẹ́ ńkọ́. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ń tẹ èsì.