Owó Ilé Tí Kò Gbọ́ Pé A Ti Kó Jáde

Onídìrí kì í fi ẹnu pamọ́. Tó bá ń di irun fún èèyàn, kí irun náà tó dé ìpàkọ́, oníbàárà á ti gbọ́ ìjà ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ̀rín á sì ti pa wọ́n tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí owó háyà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, tó ṣí fóònù rẹ̀ láti wo iye tó wà ní báńkì, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Owó náà ò tó. Ó wò ó títí, ló bá rí ìdí rẹ̀: owó ilé tó ti kó kúrò níbẹ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ṣì ń jáde lóṣooṣù, ó ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Onílé.

Màmá Onílé yìí, opó arúgbó ni, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, tó sì fi yàrá òkè háyà fún Onídìrí àti ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó bímọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, omijé ni. Onídìrí dì mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, mi ò ní gbàgbé yín láéláé. Ẹ ó máa rí ọwọ́ mi." Màmá gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣàdúrà fún un títí wọ́n fi wọ ọkọ̀.

"Arúgbó yìí ń yọ mí lówó," ni Onídìrí pariwo fún ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tí kì í sáré nínú ọkọ̀ tàbí nínú ọ̀rọ̀, ní kó kọ́kọ́ lọ béèrè ní báńkì.

"Báńkì ló ń gbé nínú ilé náà ni? Ṣé nígbà tá ò wo fíìmù tá à ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù mọ́, báńkì ni mo lọ bá? Mo pe àwọn onífíìmù pé mi ò ṣe mọ́, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Màmá náà mọ̀ pé mo ti kúrò. Kí ló dé tí kò yọwọ́?"

Ọkọ rẹ̀ tún ní kó ṣáà lọ béèrè ní báńkì. Òun náà ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Onídìrí fi oníbàárà sílẹ̀ tòun ti ìdajì irun lórí, ó gba ilé Màmá lọ. Màmá jókòó níwájú ilé pẹ̀lú àwọn aládùúgbò obìnrin méjì. Bó ṣe rí i, ńṣe ló dìde tó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ wò ó! Ọmọ mi ló ń bọ̀ yìí!"

"Màmá, ẹ jókòó," ni Onídìrí wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé yọ owó mi. Oṣù mẹ́rin tí mo ti kúrò nílé yín lẹ ṣì ń gbowó ilé. Tí kì í bá ṣe olè, kí la fẹ́ pe ìyẹn?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà yíjú sí Màmá. "Ṣé èyí kọ́ lọmọ tẹ́ ẹ ní ó ṣì ń fowó ránṣẹ́ sí yín?"

"Òun ni," ni Màmá wí. Ọwọ́ tó nà ti wálẹ̀. "Ìwọ lo ní n ó máa rí ọwọ́ rẹ. Mo rò pé òun nìyẹn. Mo ti ń gbàdúrà fún ọ lé e lórí."

Ká ní Onídìrí dúró síbẹ̀ ni, ì bá dáa. Àmọ́ inú ti bí i dé ibi tí etí kì í ti í gbọ́ràn mọ́. Ó ní, "Ẹ̀bùn kọ́ là ń fi ọwọ́ ara ẹni yọ lápò ẹlòmíì," ó yí padà, ó ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò pè é padà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ báńkì pé kí wọ́n bá òun dí ọ̀nà mọ́ arúgbó kan. Akọ̀wé obìnrin tó dá a lóhùn wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un wò.

"Màmá náà ò yọ nǹkan kan. Sítándíǹ ọ́dà lèyí. Ẹ̀yin lẹ fi fóònù yín ṣètò rẹ̀, pé ká máa fi iye báyìí ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù. Wọn ò lè bù kún un, wọn ò lè dín in kù, wọn ò sì lè dá a dúró. Kó wọlé sí wọn nìkan ni tiwọn."

"Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé mo ti kúrò."

"Àwa lẹ ò sọ fún."

"Àwọn onífíìmù ńkọ́? Àwọn ni mo sọ fún, ó sì tán."

"Ìyẹn, dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì ni. Tìyẹn, ẹ fún ilé iṣẹ́ náà láṣẹ pé kí wọ́n máa wá gba owó wọn lọ́dọ̀ wa. Àwọn ló ń wá a, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gbà pé ẹ ti kúrò, wọn ò wá mọ́. Ẹ lè wá dá a dúró lọ́dọ̀ wa náà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, torí ìdádúró owó ò ní kí àdéhùn yín tú. Gbèsè á kàn máa gorí gbèsè."

Akọ̀wé fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án lórí fóònù: owó tí a ti ṣètò, orúkọ Màmá, dá a dúró. Ó ní kó tètè ṣe é kí ọjọ́ ìsanwó tó dé. Onídìrí tẹ̀ ẹ́. Kò gbà ju kí èèyàn sín lọ.

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?"

"Ká ní ilé iṣẹ́ kan ló ṣèèṣì gbà á ni, à bá bá yín gbà á padà. Èyí, ohun tẹ́ ẹ ní ká ṣe la ṣe. Ẹ lọ bẹ Màmá."

Ara Onídìrí bù máṣọ. Ìtìjú ọ̀hún pọ̀ débi pé ó gbàgbé báàgì rẹ̀ lórí káńtà, wọ́n ní láti sáré tẹ̀ lé e. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi owó náà ránṣẹ́, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló sì fi pe ẹni tó gbà á lólè. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí tó fọ́ ò ṣeé kó.

Ọ̀dọ̀ Màmá ló gbà lọ tààrà. Ó kúnlẹ̀ nínú pálọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Màmá ní kó dìde, òun ti dárí jì í. Ó bu omi fún un.

"Mo ti ná owó náà, mo fi tún òrùlé ṣe," ni Màmá wí. "N ó san án padà díẹ̀díẹ̀."

"Rárá, Màmá, ẹ jẹ́ kó dúró sọ́wọ́ yín." Ó sọ ọ́, àmọ́ owó ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì san ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fura pé Màmá gbọ́ ìyẹn nínú ohùn òun, ìtìjú kejì sì gorí àkọ́kọ́.

Nígbà tí oṣù yí po, fóònù rẹ̀ dún ní ṣọ́ọ̀bù. Owó díẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ Màmá. Ó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹta, Màmá ti tún fi í ránṣẹ́. Oṣù kejì, owó tún wọlé. Onídìrí padà sọ́dọ̀ akọ̀wé, ó ní kí wọ́n bá òun dá a dúró, òun ò fẹ́ ẹ.

"Sítándíǹ ọ́dà ni," ni akọ̀wé wí. "Ẹni tó ṣètò rẹ̀ nìkan ló lè dá a dúró."

Ló bá tún gba ilé Màmá lọ. Màmá ò jókòó níwájú ilé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò tíì ṣú, àwọn obìnrin méjèèjì sì wà níbẹ̀. Inú ilé ló ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dá owó náà dúró, ó ní òun ti lọ sọ fún àwọn obìnrin ọ̀hún pé àṣìṣe òun ni.

"Mo gbọ́," ni Màmá wí. "O ṣeun. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bi mí pé ó kù mélòó. Jẹ́ kí n san án tán, ọmọ mi, kí n lè padà máa jókòó síta."