Télọ̀ Tó Ń Bẹ̀bẹ̀ fún Etí Ẹlòmíì

Ìṣẹ́jú méjì péré ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláàánú fún télọ̀ láti fi tọrọ owó: kó sọ ẹni tó jẹ́, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tó fi dara pọ̀ mọ́ wọn, kó sọ ohun tí owó máa ṣe, kó bèèrè, kó sì panu mọ́. Ti ìgbẹ̀yìn yìí ló le jù fún un. Àwọn oníbàárà ẹ̀ mọ̀ pé tí aṣọ ò bá tíì yá, àwíjàre á ti yá.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ni ẹgbẹ́ náà ń wá fún àwọn tí etí wọn ti di. Wọ́n ti yẹ etí èèyàn mọ́kànlá wò, àwọn yẹn sì ń dúró de ẹ̀rọ. Bí àwọn oníṣòwò símẹ́ńtì tó pé jọ sí yàrá ìpàdé wọn lọ́sàn-án yẹn ò bá dáwó, wọn á ṣì máa dúró ni.

Akọ̀wé ti kìlọ̀ pé kó má sọ ìtàn ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Bàbá télọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbà kó sọ tòun, ó tiẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Àmọ́ télọ̀ ò ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún un. Ó ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ti fi ara ẹ̀ ṣe ọmọ rere inú ẹ̀.

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Télọ̀ ni mí, mi ò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta ni etí bàbá mi fi di. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, màá di ọwọ́ wọn mú…”

“Irọ́ ni,” ni bàbá wí láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun létí ẹ̀ méjèèjì. “Ṣe lo máa ń jágbe mọ́ mi.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ wá àwíjàre títí, kò rí ọ̀kan mú.

“Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo rò pé agídí ni wọ́n ń ṣe. Àyẹ̀wò tí ò tó wákàtí kan, ọdún mẹ́ta ni mo fi pariwo kí n tó mú wọn lọ. Ojú ń tì mí, ohun tó gbé mi débí nìyẹn. Owó yín á ra ẹ̀rọ, á sì ra bátìrì tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹ̀rọ tí ò ní bátìrì, yẹtí lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa máa dáwó fún wa lóṣooṣù?”

Ó panu mọ́. Ahọ́n ń yún un, ó gé e jẹ.

Alága àwọn oníṣòwò ń wo fọ́ọ̀mù ìdáwó tó wà níwájú ẹ̀. “Màmá mi náà kì í dáhùn mọ́,” ló wí. “Mo ti ń bá wọn jà.” Ó fa báírò yọ, ó buwọ́ lùwé, àwọn tó kù sì gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ara wọn.

Bí télọ̀ àti bàbá ẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàbá dúró.

“Ṣó o mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn, èébú nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ẹ? Òun nìkan lo máa ń pariwo sọ.”

Ó dun télọ̀ wọra. “Ẹ má bínú, Bàbá,” ló wí. Ó rọra sọ ọ́ ni, bàbá sì gbọ́.