Akọ̀wé Ní Ká Má Da Ẹ̀wà Nù

Ẹni tó bá fẹ́ fi Bàṣírátù rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ kúrò nílé baba tirẹ̀ ná. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé ní Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kó tó fẹ́ Tàófíìkì wá sí Ṣakí. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ Tíṣà Mojọlá, aládùúgbò wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà kọ̀wé sí i lórí fóònù. Kàdírì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ; Akọ̀wé ni Bàṣírátù ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì ni Akọ̀wé kọ, pé òun ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wá fi kún un pé, "Don't spill the beans." Bàṣírátù tú u lẹ́yọ lẹ́yọ: má da ẹ̀wà nù.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Bó ti gbójú sókè báyìí, ìyá ọkọ rẹ̀ ló rí tó ń wọ́ àpò ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ lọ sẹ́yìnkùlé.

"Màmá, ẹ má dà á nù o! Akọ̀wé ní ká má dà á nù. Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì!"

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kàdírì mi? Kàdírì tí mo máa ń pọ̀n lọ sóko Tẹ̀dé, tí kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀?" Ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Bàṣírátù gbé fóònù lọ han Tíṣà, inú rẹ̀ ń dùn. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyàwó, kò sí ẹ̀wà kankan níbẹ̀. Má tú àṣírí ni wọ́n ń wí. Bí a bá ní olè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣé ó fẹsẹ̀ fẹ́ nǹkan ni? Odindi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ là á gbé, a kì í tú u wẹ́wẹ́. Kàdírì fẹ́ yọ sí ìyá rẹ̀ lójijì ni."

"Mo gbé! Wọn á ní ìyàwó tí Tàófíìkì fẹ́ ò lè pa ẹnu mọ́." Àárò Ṣábẹ̀ẹ́ sọ ọ́ gan-an, níbi tí ẹnu rẹ̀ kì í ti í kó bá a. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Màmá, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá fọwọ́ kàn án léjìká. "Láti Okaka ni wọ́n ti gbé èmi náà wá sílé yìí. Mo sunkún sunkún, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ló dé. Dìde, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá, tó ti lé tìróò láti ìdájí, sáré jáde. "Yéè! Ta ni mò ń wò yìí? Ẹ gbà mí o!"

Kàdírì rọ̀ mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá ò mọ̀ rárá! Ìyàwó wa, o mà ṣeun o."

Bàṣírátù ò tíì lanu tí Màmá fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èwo ni ṣeun? Ìkà ni! Gbogbo bí a ṣe jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, kò bá mi sọ nǹkan kan."