Ọ̀rọ̀ Tí Fọláyẹmí Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Kúnbi

Ọdún mẹ́rìnlá ni Fọláyẹmí fi wà nílé Ṣọládé Ògúntúndé káfíńtà láìgbọ́ ẹkún ọmọ, kí wọ́n tó fa Kúnbi lé e lọ́wọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Kúnbi, ó ti ká eyín iwájú kan, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bí adájọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹni tó ń ra ike ní ìsọ̀ Fọláyẹmí ní Ketu ló ti mọ̀ ọ́n. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí, tí á máa ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára báàfù àti kẹ́ẹ̀gì, nítorí Fọláyẹmí ló ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ pe Fọláyẹmí ní "Mummy," ẹ̀yìn ìsọ̀ ni obìnrin náà sá lọ láti lọ sunkún.

Àmọ́ Kúnbi kò tíì di tirẹ̀. Àwọn tí kò ṣe é rí ló ń rò pé ẹni tó fẹ́ gba ọmọ kàn ń lọ ṣà á bí ẹni ṣa ata ni. Tọkọtaya yìí kọ̀wé sí ọ́fíìsì wẹ́líféà ní Alausa, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ẹni méjì ṣe onídùúró fún wọn. Òṣìṣẹ́ wẹ́líféà wá sílé wọn ní Ikosi, ó wo ibi tí ọmọ máa sùn, ó wo ilé ìyàgbẹ́, ó sì yà lọ bi àwọn aládùúgbò bóyá wọ́n máa ń jà. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi dúró. Nígbà tí wọ́n sì wá fún wọn ní ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ná fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ máa yọjú sí wọn, kí ó tó kọ̀wé fún adájọ́. Nínú yàrá àdáni ni adájọ́ ti máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, èrò kì í sí níbẹ̀. Bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i ni ọmọ tó di ọmọ. Oṣù kejì ọdún 2009 ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹjọ́ tiwọn bọ́ sí.

Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n yàn fún wọn, obìnrin tó gùn, tí kì í yára rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́, ó sọ ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ fún àwọn méjèèjì ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe dá ọmọ lóhùn bí ó bá béèrè lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé.

"Mummy, mo mọ̀ pé inú yín máa dùn, ẹ máa fẹ́ sọ fáráyé," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ojú ọmọ yìí ò gbọdọ̀ sí lára nǹkan tí ará ìta máa rí, títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀ pé ilé yín ti kún, kí wọ́n bá yín yọ̀. Ó ti tó. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀. Ẹ má kọ hóòmù ọmọ aláìlóbìí tó ti wá. Ẹ má kọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹ má sì kọ pé ẹ ṣàánú ẹ̀, torí kì í ṣe pé ó ń ṣagbe. Ìtàn yẹn, òun ló ni ín. Tó bá dàgbà, ẹni tó bá wù ú ló máa sọ ọ́ fún. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, Mummy."

Fọláyẹmí gbọ́. Ó tọwọ́ bọ̀wé. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ohun tó bá ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kàlẹ́ńdà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe lóore máa ń tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n á gbé fọ́tò ńlá sórí rẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀rí sábẹ́ fọ́tò, wọ́n á sì pín in fún ìjọ àti àdúgbò lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìparí ọdún. Ọdún mẹ́rìnlá ni Fọláyẹmí ti ń gba ti ẹlòmíràn, tí ó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ṣé ẹ wá fẹ́ kó má tẹ tirẹ̀ ni? Ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé ṣe wí: "Ilé wa ti kún. Ẹ bá wa yọ̀." Ó mú fọ́tò òun àti ọkọ rẹ̀ dání. Bí ó bá jẹ́ pé ó lọ tààrà sọ́dọ̀ atẹ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí.

Ṣùgbọ́n Súmbọ̀, ẹ̀gbọ́n Ṣọládé, yà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Súmbọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìdérí. Ó wo Kúnbi títí, ó ní, "Ìyàwó, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ o. A ò rí oyún, a ò rí ìkómọ, ọmọ ńlá kàn yọ lójijì. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ń jí ọmọ gbé káàkiri. Wọn ò ní í kúkú wí i lójú yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fọláyẹmí lára. Kí á pe ènìyàn ní àgàn, ó ti mọ́ ọn lára. Kí á pè é ní ajọ́mọgbé, kò lè gbà á. Nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ Mọ́nsúrù atẹ̀wé ní Ikosi, ó ti mú fọ́tò mìíràn jáde nínú báàgì, èyí tí Kúnbi ti wọ léèsì aláwọ̀ ewé, tí ó ń rẹ́rìn-ín tí àlàfo eyín rẹ̀ hàn. Ó gba bírò, ó sì kọ ọ́ lórí ìdúró:

"Kúnbi, ọmọ tí wọ́n jù sórí àkìtàn tòmátì ní Mile 12 lọ́dún 2002, tí ìjọba fi lé wa lọ́wọ́ láti ilé ọmọ aláìlóbìí. Ẹni tí ayé sọ nù, àwa ṣà á, a sì sọ ọ́ di èèyàn. Ògo ni fún Ọlọ́run."

"Mummy, eléyìí máa pa wọ́n lẹ́kún," ni Mọ́nsúrù wí.

Ṣọládé rí kàlẹ́ńdà náà nígbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó kà á, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ṣé kò pọ̀ jù báyìí?" Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn kò jí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn sì ni ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀.

Wọ́n pín in. Àwọn ènìyàn sunkún lóòótọ́. Súmbọ̀ dì mọ́ ìyàwó, ó tọrọ àforíjì. Ọkàn Fọláyẹmí balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sì tún balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìwọlé ilé ìwé, ó mú Kúnbi lọ sọ́dọ̀ Ajarat onídìrí. Kúnbi jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ Ajarat, ó kọjú sí ògiri. Kàlẹ́ńdà wà níwájú rẹ̀ gan-an. Fọláyẹmí ń gbọ́ bí ó ṣe ń kà á díẹ̀díẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ka orúkọ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ka ìlà kejì. Nígbà tí Ajarat fi máa kàn án lórí pé kó dákẹ́, ó ti pẹ́ jù.

"Mummy, kí ni àkìtàn?"

Fọláyẹmí ní kí ó jẹ́ kí wọ́n dirí fún un. Obìnrin kan tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ agbẹrun ló dáhùn, kò ní èrò ibi nínú: "Ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ni, ọmọ mi. Ìwọ gan-an, ẹni orí yọ ni ẹ́."

Kúnbi jẹ́ kí wọ́n dirí rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ọwọ́ Fọláyẹmí.

Nílé ìwé, ọjọ́ méjì péré ló gbà. Kàlẹ́ńdà ti wà nílé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, "ọmọ àkìtàn" sì rọrùn lẹ́nu ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn gbóòórùn rẹ̀, ó di imú. Ọkùnrin alágbàrù kan wá sí ìsọ̀ láti Mile 12, ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n fi wé e, lójú Kúnbi. Ọmọ náà kò ka ọ̀rọ̀ ara báàfù mọ́. Ó máa ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Fọláyẹmí jáde lọ kó kàlẹ́ńdà. Ó ti Ikosi dé Ketu, ó dé Alápẹ̀rẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan já a fún un. Àwọn kan ní, "Ah, Mummy, ẹ̀rí Ọlọ́run lẹ fẹ́ kó padà?" Àwọn mìíràn ti fún ẹbí wọn ní Gbàgádà àti ní Iseri Olowora. Àwọn tí ó rí gbà, ẹ̀yìnkùlé ló ti dáná sun wọ́n. Ojú ọmọ náà ló ń jó lójú rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí iná fi kú.

Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn ún. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ti yà ra omi ló ti rí kàlẹ́ńdà náà. Kò pariwo. Ó bá Kúnbi jókòó nínú yàrá, àwọn méjì péré, ó pẹ́. Nígbà tí ó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"A máa kó lọ," ni Fọláyẹmí wí, lórí ìkúnlẹ̀. "A máa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Aunty, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ṣàánú mi."

"Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Èmi ni ojú ọmọ yẹn níwájú adájọ́." Ó fà á dìde. "Ẹ sọ fún mi, Mummy, ta lẹ ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún? Ọmọ ni àbí àwọn tó ń bú yín?"

Fọláyẹmí mọ ìdáhùn.

Nínú oṣù kejì, adájọ́ gbà wọ́n sínú yàrá rẹ̀. Ó ka ìwé, ó bi Ṣọládé, ó bi Fọláyẹmí, ó sì ní kí wọ́n bọ́ síta kí òun gbọ́ ti ọmọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n dúró sí. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, adájọ́ sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọmọ kò sọ ohun burúkú kankan nípa wọn. Ohun tí ó sọ ni pé òun fẹ́ lọ síbi tí wọn kò ti mọ òun. Adájọ́ ní òun kò ní fọwọ́ sí ìgbàṣọmọ náà, pé kí wẹ́líféà mú un lọ síbòmíràn, kí wọ́n má sì sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí wọ́n wá mú un, Fọláyẹmí to aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ó fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀. Ṣọládé kò lè dúró wò ó, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ láti àárọ̀. Kúnbi ti jókòó sínú ọkọ̀ kí ó tó yí wíńdò sílẹ̀.

"Mummy."

Fọláyẹmí sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rò pé bóyá ọmọ náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Tí wọ́n bá tún fún yín lọ́mọ míì," Kúnbi ní, "ẹ má kọ tiẹ̀ o."

"Mi ò ní kọ ọ́," ni Fọláyẹmí wí.

Ọmọ náà mi orí, ó sì yí wíńdò padà sókè.