Ibà Ọjọ́ Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Ọdún mẹ́ta ni èmi, Màríyámọ̀, ti ń bójú tó yàrá yìnyín Alhaja Suwebat ní Mile 12, tí mò ń kọ àpò ata tó wọlé àtèyí tó jáde, owó oṣù mi ò sì kúrò lójú kan. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní Ikosi wá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, aago mẹ́wàá àárọ̀ Tuesday, kí ni kí n sọ fún Alhaja? Mo ní ibà ń ṣe mí. Ta ni kì í pa irú irọ́ yẹn?

Aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo ti múra tán, ni fóònù mi dún. Edith ni, akọ̀wé iléeṣẹ́ yẹn.

"Aunty, ẹ má bínú. Emergency ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá wa, Mr. Jayé, ò ní lè rí yín ní mẹ́wàá mọ́. Ṣé aago méjì máa rọ̀ yín lọ́rùn? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀, torí wọ́n ń rìnrìn àjò lọ́la."

Mo ní méjì dáa. Ẹnu mi ò dákẹ́, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ata tá a fẹ́ kó lọ fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ló há sínú yàrá yìnyín kan ní Mile 12. Wọ́n ní ara ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò yá."

Mo ki ọwọ́ bọ báàgì mi. Kọ́kọ́rọ́ rèé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, èmi nìkan sì ni Alhaja fọkàn tán tó láti gbé e fún. Inú bí mi sí ara mi. Tí ilẹ̀kùn yẹn ò bá ṣí, Mr. Jayé ò ní kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí n bá sì lọ ṣí i, ibà mi dà?

Mo fi hijab ńlá bo aṣọ tí mo wọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́. Láti ẹnu géètì ọjà ni mo ti ń sáré, òógùn bò mí. Alhaja fọwọ́ kan ọrùn mi.

"Ẹ wo bí ara ọmọ yìí ṣe gbóná. Orí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ló ti dìde wá o, Mr. Jayé. Ibo lẹ ti fẹ́ rí irú ẹ̀?"

Mr. Jayé dúpẹ́ títí. Kò rí mi rí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣílẹ̀kùn, mo ka àpò ata wọn fún wọn. Alhaja ní kí n padà lọ sùn.

Aago méjì géérégé, mo wọ ọ́fíìsì. Mr. Jayé wo CV mi, ó wò mí, ó tún wo CV.

"Ibà ńkọ́?"

"Ó ti lọ, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. "O mọṣẹ́, mo fojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ wáṣẹ́ lọ síbòmíràn, kí lo máa sọ fún èmi?"

Mo ní òótọ́ ni màá sọ.

"Ó dáa. Ọ̀dọ̀ Alhaja ni kó o ti bẹ̀rẹ̀." Ó tẹ nọ́ńbà, ó fi fóònù náà sí speaker, ó gbé e ka iwájú mi.

Kíá ni Alhaja gbé ìpè náà. "Mr. Jayé, ẹ jọ̀ọ́, màá pè yín padà. Ẹnu ọ̀nà Màríyámọ̀ ni mo wà, mo gbé àgbo wá fún un. Mo ti kanlẹ̀kùn títí, kò dá mi lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí."