Ohun Àtijọ́ Ló Mọ̀

Kòfowórọlá ló kọ́ ẹ̀rọ atúdìí, èyí tó ń sọ bóyá èèyàn ló kọ ìwé tàbí ẹ̀rọ, nílé iṣẹ́ wọn ní Yábàá. Ó kó ìwé téèyàn kọ àtèyí tí ẹ̀rọ kọ fún un, ó fàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ń dá wọn mọ̀.

Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ìkọ̀wé tuntun dé, Kòfowórọlá kìlọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n Benjamin, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ti yí padà. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé tuntun kọ́ atúdìí wa kẹ́ ẹ tó tà á."

Benjamin ò gbọ́, ó tà á bẹ́ẹ̀ fún iléèwé kan. Ìwé tí ẹ̀rọ tuntun bá àwọn ọmọ kọ sì kọjá lójú atúdìí náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní èèyàn ló kọ ọ́.

Ọ̀gá iléèwé bínú dé. Benjamin nàka sí Kòfowórọlá: "Òun ló ṣe é. Kò kìlọ̀ fún mi rí."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi?"

Kòfowórọlá bọ́ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó sunkún jáde.