Ohun Tí Tíṣà Ọládipọ̀ Nìkan Kò Mọ̀

Ká ní ìgbéraga ṣeé jẹ yó ni, Tíṣà Ọládipọ̀ kì bá tí dáná rí. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Litiréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Okokomaiko lọ́dún 1991, bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀, àfi bíi pé òun ló kọ́ òyìnbó lédè. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Christiana, ọmọ SS2, ló kó sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú ìdánwò, tíṣà ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ dramatic irony hàn. Christiana kọ ọ́ pé ọmọ kan fọ́ àwo, ìyá rẹ̀ patẹ́wọ́, ó jó yí i ká, ó ní, "O káre láé, ọmọ atúnléṣe!" Lójú tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ijó àti àtẹ́wọ́ ti wọ̀ ọ́, eré ti dé nìyẹn. Òdo ni tíṣà fún un.

"Verbal irony nìyẹn, olódo!" ni tíṣà wí. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ òdì kejì ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni. Ìyá yẹn mọ̀ pé ọmọ òun ò káre. Ti dramatic irony, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò mọ nǹkan kan! Àwa tá à ń wòran la mọ ohun tó pa mọ́ fún un, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń ní ìtumọ̀ létí wa tí òun fúnra ẹ̀ ò rò sí i. Wá àpẹẹrẹ tìẹ kí agogo tó lù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ìwé ẹ, kó o máa lọ sí kíláàsì Agiríkì."

Ẹ̀rù ba Christiana gidigidi. Lọ́yà ló fẹ́ dà, wọ́n sì ti sọ fún un pé yunifásítì kì í gba ẹni tí kò ní Litiréṣọ̀ láti kọ́ òfin.

Tíṣà kọjú sí pátákó. Ìgbà yẹn ni bàbá kan yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sùtánà funfun, wọn kò wọ bàtà, ẹrẹ̀ òpópónà Igbó-Elérin sì mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ẹni tó bá ń gbé agbègbè Ọjọ́ níbí tí kò mọ ìyẹn, kì í wo èèyàn ni. Christiana mọ bàbá náà dáadáa. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni ìjọ sì ṣọpẹ́ fún bàbá náà pé ìjọba ti fi wọ́n ṣe pírínsípà ilé ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Ó sọ ọ́ sétí Àyọ̀kẹ́ tó jókòó tì í. Ẹnu Àyọ̀kẹ́ kì í dákẹ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí tíṣà tó gbọn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ nù, gbogbo kíláàsì ti gbọ́.

Tíṣà yíjú padà, ó wo bàbá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, olówó ọjà Àlàbá! Bàtà yín mà ń dán o! Ẹ rọra, kó má fọ́ wa lójú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú sà," bàbá náà ní, wọ́n fẹsẹ̀ kan wọlé, "ìsìn ni mo ti ń bọ̀. Mo fẹ́ wo bí ẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ni."

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ má fi ẹrẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa. Pírínsípà tuntun là ń retí. Bí ọkùnrin yẹn bá fẹsẹ̀ kan kíláàsì yìí báyìí, ojú ẹsẹ̀ ló máa mọ irú èèyàn tí mo jẹ́!"

Àwọn ọmọ kan bu kọ́là aṣọ wọn jẹ. Àánú tíṣà ṣe Christiana díẹ̀, ó sì fẹ́ ta á lólobó. Àmọ́ bí tíṣà bá mọ̀ báyìí, àpẹẹrẹ bàjẹ́ nìyẹn, torí inú àìmọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ó tún rántí Agiríkì. Àánú náà sì lọ.

"Christiana! Àpẹẹrẹ dà?"

Ó dìde. "Ẹ sọ fún bàbá pé bàtà wọn ń dán, sà. Ẹ mọ̀ pé wọn ò wọ bàtà, àwọn náà sì mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ lẹ̀ ń ṣe. Verbal irony nìyẹn. Ẹ tún ní bí pírínsípà tuntun bá wọ ibí, ojú ẹsẹ̀ ló máa mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹ ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, tọkàntọkàn lẹ fi sọ ọ́. Àmọ́ ohun tí etí tiwa gbọ́ níbẹ̀ yàtọ̀, torí gbogbo wa la mọ nǹkan kan tí ẹ̀yin nìkan ò mọ̀. Dramatic irony nìyẹn, sà."

"Kí ni mi ò mọ̀?" tíṣà jágbe.

"Pé wọ́n ti wọlé, sà."

Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni Àkàndé," bàbá náà ní. "Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ tó ní kí wọ́n má fi tẹ ilẹ̀.

"Ẹ dìde, tíṣà," ni pírínsípà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí olùkọ́, mi ò tíì rí èyí tó mọ àlejò tọ́jú bíi yín. Mo ti ń gbọ́ ohùn yín láti ìta: ọmọ yìí ò ní lọ sí Agiríkì o. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí Litiréṣọ̀ rẹ̀." Wọ́n sì lọ.

Christiana mí kanlẹ̀, ó jókòó. Tíṣà dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ nù láyà, inú rẹ̀ dùn dé eyín ẹ̀yìn.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí pírínsípà sọ nípa mi? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Gbogbo kíláàsì mú bírò. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé abẹ́ èwo nínú irony méjèèjì ni kí àwọn kọ ọ́ sí.